Ìdènà kẹrin

Ní Dìsẹ́ńbà 2004, wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn ọmọdé jákèjádò Tógò. Ìdènà àkọ́kọ́ nìyẹn: kí ibà ẹ̀fọn má wọlé. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà kí ara tó bàjẹ́, ìkejì nìyẹn. Kí ẹni tí alùpùpù ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tún kọ́ ìrìn, ìkẹta nìyẹn.

Ìkẹrin ni a ń gbàgbé ní Atakpamé: kí ìtọ́jú má pa wá lára. Ara ọmọ gbóná. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike àyẹ̀wò. Ìlà kan ṣoṣo yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ C: àyẹ̀wò kò rí ibà ẹ̀fọn. Síbẹ̀ ìyá ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn rẹ̀. Lójú tèmi, kí nọ́ọ̀sì má fún un. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, òtútù àyà lè ni, oògùn ibà kò sì lè wò ó.