Fọ́tò Kì í Dá Tónà Láre

“Ojúlówó ni, ẹ wo àmì rẹ̀ bó ṣe ń dán.” Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ olùtajà fi ń ta tónà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí Wọ́ọ̀sáàpù lónìí. Wọ́n á ya fọ́tò páálí kan, wọ́n á jẹ́ kí iná tàn sí àmì aláwọ̀ fàdákà tó wà lára rẹ̀, wọ́n á sì béèrè owó. Oníbàárà á rí ohun tó ń dán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á fowó ránṣẹ́. Ìtànjẹ gbáà ni. Fọ́tò lè tú àṣírí ayédèrú, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ojúlówó ni ọjà kan. Olùtajà tó mọ èyí, tó tún ń fi fọ́tò kan ṣoṣo búra, kò ṣòótọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú pọ̀, ó yẹ kí á ya àdàkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Àdàkọ, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kólóònù, ni tónà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe láti bá ẹ̀rọ HP tàbí Canon mu, tí orúkọ ẹni tó ṣe é sì wà lára páálí rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú títà á. Ayédèrú ni àdàkọ, tàbí tónà àlòkù tí wọ́n tún rọ ìyẹ̀fun sí, tí wọ́n wá kó sínú páálí HP, tí wọ́n sì ń gba owó ojúlówó lé e lórí.

Ká sọ pé obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo tónà HP 85A, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà kà sí ojú ìwé 1,600. Bí ó bá ra ojúlówó ní ₦48,000, ojú ìwé kan ń ná an ní ₦30. Bí ohun tó wà nínú páálí bá jẹ́ ayédèrú tó tán ní ojú ìwé 800, ojú ìwé kan ti di ₦60. Ká ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ra àdàkọ ní ₦12,000, tó sì tẹ ojú ìwé 1,200, ₦10 péré ni. Ẹni tí wọ́n tà ayédèrú fún pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: kò rí ojúlówó tó sanwó fún, kò sì jẹ àǹfààní owó pọ́ọ́kú àdàkọ. Ká má tíì sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ kún fún ìlà dúdú ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó fi í sílẹ̀.

Kí ló wá yẹ kí obìnrin yìí béèrè kó tó sanwó? Àkọ́kọ́ ni àmì tó ń dán, ìyẹn hòlógíráàmù. Iṣẹ́ àmì yìí kò sí nínú dídán rẹ̀ rárá. Inú ìrìn rẹ̀ ló wà. Lórí àmì HP, ọ̀rọ̀ “OK” àti àmì “✓” ló ń hàn. Bí a bá tẹ páálí síwájú sẹ́yìn, àwọn méjèèjì a máa rìn lọ sí ọ̀nà òdìkejì ara wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, wọn a máa tọ ara wọn lẹ́yìn lọ sí ọ̀nà kan náà. Ẹnikẹ́ni lè tẹ “OK” sórí bébà fàdákà, á sì dán gbinrin nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kò ní rìn. Nítorí náà, fídíò kékeré ló yẹ kí oníbàárà béèrè, tàbí, ó kéré tán, fọ́tò mẹ́ta tí wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń tẹ páálí. Bí “OK” bá wà lójú kan náà nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kí olùtajà kọ déètì ọjọ́ náà sórí bébà kan, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, kó má bàa jẹ́ fọ́tò páálí ẹlòmíràn ló ń fi ránṣẹ́. Bí kóòdù bá wà lára àmì náà tí fóònù lè kà, kí oníbàárà wo àdírẹ́sì tó gbé e lọ dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni hp.com, ọ̀tọ̀ ni orúkọ tó kàn jọ ọ́.

Síbẹ̀, ká ní àmì náà rìn bó ṣe yẹ, ẹjọ́ kò tíì tán. Páálí tòótọ́ lè wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó ayédèrú sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí èdìdì fi ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí tí ilé-iṣẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, bébà rẹ̀ sábà máa ń ya, á hu bí irun. Fọ́tò ìdérí méjèèjì láti ìtòsí ló ń fi èyí hàn, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n tún fi lé ti tẹ́lẹ̀, tàbí sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi bo ojú ibi tó ya. Olùtajà tó bá ń ya iwájú páálí nìkan, tí kò fẹ́ ya ìdérí, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ẹ̀rí kẹta wà nínú páálí, ìgbà tí ọjà bá dé ni a lè rí i. Kí obìnrin náà máa ya fídíò bó ṣe ń ṣí i. Téèpù ìdènà ìyẹ̀fun, tí à ń fà yọ kí a tó lo tónà 85A, gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó wo ṣíìpù. Ojú rẹ̀ tó dà bí wúrà gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Bí ìlà bá ti há a, àfàìmọ̀ kó jẹ́ pé irin ẹ̀rọ mìíràn ti fara kàn án rí. Gọ́ọ̀mù tó ṣàn jáde létí ṣíìpù náà jẹ́ àmì pé ọwọ́ ènìyàn ló pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíìpù tó mọ́ kò sọ tónà di ojúlówó, nítorí ṣíìpù àdàkọ tuntun náà mọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo tónà ló ní ṣíìpù. HP 12A kò ní rárá, ẹni tó bá ń wá a níbẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù.

Àwọn kan á ní ilé-iṣẹ́ ńlá ló fa gbogbo èyí, nítorí tónà wọn ti wọ́n jù. Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n ayédèrú kò dín owó náà kù fún ẹnikẹ́ni. Iye ojúlówó náà ló ń gbà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ọlọ́jà pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n tà fún wọn. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó má búra.

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí a fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta ọjà. Fídíò tí páálí ti ń yí, fọ́tò ìdérí, àti rìsíìtì tí wọ́n kọ “ojúlówó HP 85A” sí, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á dá owó padà, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Olódodo kò ní kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀, kí oníbàárà gbé owó rẹ̀ lọ síbòmíràn.