Àwòrán tó tú àṣírí ilé Màmá

Nínú ìwé ìyọ̀ǹda tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo ṣèlérí pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ tàbí ilé abẹ́nà ìmọ̀ mi. Mo kà á sókè fún Màmá kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà, wọ́n sì tẹ̀ka sí i. Nítorí ariwo ọjà, wọ́n ní kí n wá gba ohùn wọn sílẹ̀ nílé ní Agbówó. Mo gba ohùn, mo sì ya àwòrán mẹ́rìnlá. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kó àwòrán wọ̀nyẹn sínú álíbọ́ọ̀mù kan lórí Google Photos, mo sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi fèsì pé, “Àṣé ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ni Màmá yìí ń gbé!” N kò sọ àdúgbò fún un. Ó kàn ṣí àwòrán kan ni, máàpù sì yọ sí i lábẹ́.

Ẹ̀bi tèmi ni. Mo ti gba kámẹ́rà fóònù mi láyè láti máa kọ nọ́ńbà méjì pamọ́ sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń sọ ibi tí a ti yà á. Láti Agbówó dé Bódìjà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7.4, èkejì pẹ̀lú 3.9. Tó bá mọ síbẹ̀, kò sí ewu, nítorí nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn ààmì ń tọ́ka sí agbègbè tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 11. Ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró síbẹ̀. Tó bá fi di nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn ààmì, ó ti di nǹkan bíi mítà 11, ẹnu ọ̀nà ilé ènìyàn nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe kò gba ìṣẹ́jú méjì. Nínú álíbọ́ọ̀mù tí a pín, bọ́tìnì kan wà tó ń jẹ́ `Share photo location`. Kí n pa á ni. Kí n tún wo `Photos settings`, kí n lọ sí `Privacy`, kí n pa `Estimate missing locations`, nítorí bí kámẹ́rà kò bá tilẹ̀ kọ ibi kankan, ápù náà lè méfò rẹ̀. WhatsApp yàtọ̀ díẹ̀: bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lásán, ó máa ń yọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n àwa tí a fẹ́ kí àwòrán mọ́ kedere máa ń fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ojú ènìyàn ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, kí ọ̀rọ̀ máàpù tó dé. Ápù náà ti ya ojú Màmá sọ́tọ̀, ó da àbúrò wọn obìnrin mọ́ wọn, ó wá ń bi mí bóyá ẹnì kan náà ni. Lóòótọ́, èmi nìkan ló ń rí orúkọ tí mo bá kọ sí ojú kan, àwọn tí mo pín álíbọ́ọ̀mù fún kò rí i. Síbẹ̀, Màmá yọ̀ǹda ohùn, wọ́n yọ̀ǹda àwòrán. Wọn kò yọ̀ǹda kí ẹ̀rọ máa wọn ojú wọn. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Google gbà láti san mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dún 2022 ní ìpínlẹ̀ Illinois. Nílé níbí, òfin ìdáàbòbò détà ti ọdún 2023 ka ohun tí a fi ń dá ara ènìyàn mọ̀ sí ara détà ẹlẹgẹ́. Mo pa `Face Groups`. Gbogbo ìpín ojú àti orúkọ tí mo ti kọ sí wọn ló pa rẹ́ pọ̀, mo sì ń fọwọ́ wá àwòrán báyìí. Ó ń dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ni onímọ̀ ẹ̀ka-èdè fẹ́ ṣe láìsí ibùdó? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ mi ni mo kọ “Agbówó” sí, ìyẹn sì tó fún ìtúpalẹ̀. Kò sí fóníìmù tó nílò ẹnu ọ̀nà ilé Màmá.

Mo padà lọ sí ọjà lọ sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ń bá ata wọn lọ, wọ́n ní, “Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ti gbà sórí fóònù tiwọn ńkọ́?” Àwọn méjì ló ti gbà á. Ọ̀kan ti pa tirẹ̀ rẹ́ níṣojú mi. Mo ṣì ń wá èkejì.