Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ lórí òrùlé: ẹ gé tírọ́ọ̀sì yẹn jàre!

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fáwọn ọmọ ẹnjiníà pé "ọ̀nà oríkèé nìkan ló dájú, ẹ ṣáà máa tò ó láti oríkèé dé oríkèé," ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Bí ẹrù orí òrùlé bá ń wálẹ̀ tààrà, mi ò bá yín jà. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá ń dagun lù ú, ìmọ̀ràn yín ń ti èèyàn sínú kòtò. Ẹ mú bírò.

2/ Ẹ ya tírọ́ọ̀sì kan. A wà lápá òsì, E lápá ọ̀tún, 8 m ló wà láàárín wọn. C wà ní ìdajì igi ìsàlẹ̀. D ni ṣóńṣó òrùlé, 3 m lókè C. B wà ní ìdajì AD, F ní ìdajì DE. Àwọn igi inú ni BC, CD àti CF. A jẹ́ píìnì, kò lè sún rárá. E jẹ́ rólà, òkè nìkan ló lè ti òrùlé sí.

3/ Atẹ́gùn fi igun 90° lu apá òsì: 5 kN ní A, 10 kN ní B, 5 kN ní D. Gbogbo rẹ̀ 20 kN, àárín rẹ̀ sì bọ́ sí B, tó jìn sí A ní 2.5 m. Mómẹ́ǹtì ní A jẹ́ 20 × 2.5 = 50. Ẹ fi 8 m pín in: rólà E ń ti òrùlé sókè pẹ̀lú 6.25 kN.

4/ Ìbéèrè: agbára mélòó ló wà nínú AC? Ẹ gé BD, BC àti AC lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ mú apá ọ̀tún. BD àti BC pàdé ní B, torí náà, bẹ́ ẹ bá gba mómẹ́ǹtì ní B, àwọn méjèèjì ti pòórá. Ohun tó kù ò ju èyí lọ:

```
6.25×6 − 5×2.5 = 1.5×AC
AC = 16.67 kN
```

Wọ́n ń fà á ni. Ó tán! Ẹ wò ó, a ò pín ẹrù atẹ́gùn sí méjì, a ò sì dé ọ̀dọ̀ A rárá.

5/ Ó wá kan ọ̀nà oríkèé. A lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. 20 kN yẹn ń ti òrùlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú 12 kN, rólà ò sì lè dá a dúró, torí náà píìnì A nìkan ló ń gbà á. Ibí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣubú. Ẹrù tó ń wálẹ̀ tààrà ti mọ́ wọn lára, nínú èyí tí píìnì kì í ní agbára ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé 12 yẹn á rí 4.67 kN nínú AC dípò 16.67. Kò tiẹ̀ tó ìdá mẹ́ta!

6/ Èyí tó burú jù ni pé àṣìṣe náà ò ní pariwo. Oríkèé B á dọ́gba. C á dọ́gba. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé E lẹ máa rí i pé CE kò bára mu: 12 kN gééré ló máa fi yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àlàfo tó jẹ́ iye agbára ẹ̀gbẹ́ gan-an, ẹ padà sídìí píìnì. Ẹni tí AC nìkan ló ń wá ńkọ́? Kò ní dé E láé.

7/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ "àmọ́" bọ̀. Òótọ́ ni, ọ̀nà gígé ní ààlà. Bẹ́ ẹ bá gé ju igi mẹ́ta tí ẹ ò mọ agbára wọn lọ, ìṣirò á há. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, oríkèé á yá ju pé kẹ́ ẹ máa gé kiri. Oríkèé F tún ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé CF jẹ́ òdo, torí DF àti FE wà lórí ìlà kan, kò sì sí ẹrù kankan níbẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ oríkèé nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé gígé ni kó ṣáájú, kí oríkèé wá ṣe ẹlẹ́rìí.

8/ Ẹlẹ́rìí náà rèé. Gígé kan náà, mómẹ́ǹtì ní A: 10 × 2.5 = 2.4 × BC. BC jẹ́ 10.42 kN, wọ́n ń fún un pọ̀. Láti oríkèé E, CE jẹ́ 8.33 kN. Ní oríkèé C, BC ń ti C sápá ọ̀tún pẹ̀lú 8.33, CE ń fà á lọ síbẹ̀ pẹ̀lú 8.33 mìíràn. Àpapọ̀ wọn 16.67, iye AC gẹ́lẹ́. Ọ̀nà méjì, èsì kan.

9/ Ẹ tún wò ó: AC jẹ́ ìlọ́po méjì CE, bẹ́ẹ̀ igi ìsàlẹ̀ kan náà ni lójú kápẹ́ńtà. Ẹni tó bá ka ìṣó oríkèé A fún 4.67 kN, ìjì àkọ́kọ́ tó bá fi 16.67 fà á ló máa bá a ṣe àtúnṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ òrùlé yẹn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ oríkèé.