"Mo Gba Ààwẹ̀" Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìtìjú

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí irọ́ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pa, tí a sì rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló ń mú wa pa á. Wọ́n pè wá síbi oúnjẹ, ààwẹ̀ wà lẹ́nu wa, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. La bá ní, "Mo ti yó." Tàbí, "Inú ń run mí díẹ̀." Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pa fóònù. Mo ní irọ́ ni, kò sì bá ìlànà Ànábì wa mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ẹni tó dáná wò ó. Ìyàwó ilé kan jẹ gbèsè ọjọ́ 7 nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì nítorí nǹkan oṣù, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe Onígbàgbọ́, ní kí òun àti ọkọ wá jẹun lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ó ro àmàlà, ó se gbẹ̀gìrì, ó ra ẹja àrọ̀ ńlá. Ìyàwó dé ibẹ̀, ó jókòó, ó ní òun ti yó. Wọ́n ní kó kàn tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní rárá. Omi pàápàá, kò mu ún. Ta ni nínú wa tí a bí nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yóò gbé sọ́kàn? Yóò ní, "Ìyàwó yìí ń fura sí mi." Kò ní sọ ọ́ síta, nítorí ọ̀rọ̀ májèlé kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu pè láàárín àna. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò ní pè é mọ́, ìyàwó kò sì ní mọ ohun tí òun ṣe.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá pa gbogbo ìyẹn rẹ́: "Ààwẹ̀ ni mo gbà lónìí, mà." Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ohun méjì ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin wa. Àkọ́kọ́ ni ìtìjú: wọn yóò bi í pé, "Ààwẹ̀ wo? Ṣebí Ràmàdáánì ti lọ?" ọ̀rọ̀ yóò sì di ti nǹkan oṣù lójú àna. Èyí kò le. Kò sí ẹni tí o jẹ ní àlàyé irú ààwẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ. "Ààwẹ̀ ni" ti tó, ibẹ̀ ni kó o dákẹ́ sí. Bó bá sì jẹ́ pé gbèsè ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tì ọ́ lójú, Àíṣà ìyá wa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun máa ń jẹ gbèsè Ràmàdáánì tí òun kì í rí i san títí Ṣáábáánì fi ń dé. Ó wà nínú àkójọ Búhárì àti ti Mùsílímù.

Ìkejì ni ìbẹ̀rù ṣekárími, àwọn ọkùnrin wa ló sì fẹ́ràn àwáwí yìí jù. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ pé òun gba ààwẹ̀ ti ń polówó ìjọsìn rẹ̀. Ṣé a wá mọ ẹ̀sìn ju Ànábì lọ ni? Àbú Huráírà gbà á wá, Mùsílímù sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé bí wọ́n bá pe ẹnìkan síbi oúnjẹ nígbà tí ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó sọ pé òun gba ààwẹ̀. Ìmáámù Nawawì ṣàlàyé rẹ̀ pé àwíjàre ni ọ̀rọ̀ náà, kí olóúnjẹ lè mọ ipò tí àlejò rẹ̀ wà. Ó fi kún un pé bí olóúnjẹ bá yọ̀ǹda rẹ, o lè má lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì fẹ́ kí o wá, lílọ di dandan. Ààwẹ̀ jẹ́ àwíjàre fún àìjẹun, kì í ṣe àwíjàre fún àìlọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà: a fi ààwẹ̀ sá fún ènìyàn, nígbà tó jẹ́ oúnjẹ nìkan ló yẹ ká fi sá fún.

Ẹ sì wo bí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe ṣe é. Ánásì ló sọ ọ́, ó wà nínú Búhárì. Ànábì wọ ilé Úmmù Súlàímù, ìyá Ánásì. Obìnrin náà gbé dàbínù àti òrí màlúù wá. Ànábì ní kó dá òrí padà sínú ìgò awọ rẹ̀, kó dá dàbínù padà sínú àpò rẹ̀, nítorí pé òun gba ààwẹ̀. Ó wá dìde lọ sí igun ilé náà, ó kí ìrun nọ́fílà níbẹ̀, ó sì tọrọ àánú fún Úmmù Súlàímù àti ará ilé rẹ̀. Kò purọ́, kò jẹun, kò sì fi ọwọ́ òfìfo jáde kúrò nílé olóore. Àdúà ló fi rọ́pò jíjẹ.

Nítorí náà, kí ni ìyàwó wa ìbá ṣe? Kó tẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ láago lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kí wọ́n tó ra ẹja. Kó ní: "Àǹtí mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó wa. Ààwẹ̀ ni n ó gbà lọ́la, mà, kò sì ṣeé tú. Bí ẹ bá lè sún oúnjẹ sí aago 7, ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti ṣínu. Bó bá jẹ́ aago 5 ló rọ̀ yín lọ́rùn, n ó wá jókòó tì yín, kí ẹ bá mi di tèmi sínú kúlà." Nílẹ̀ wa níbí, oòrùn kì í wọ̀ kọjá aago 7 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ọdún, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ náà kò wúwo. Kó fi yé wọn pẹ̀lú pé omi kò sí nínú ààwẹ̀ tiwa láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di Mọgaríbì, torí Onígbàgbọ́ mìíràn máa ń mu omi nínú tiwọn, yóò sì máa fi omi lọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Ìdí tí mo fi ní "kò ṣeé tú" ni pé gbèsè Ràmàdáánì dà bí Ràmàdáánì: ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ nítorí ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ti ẹ̀jẹ́ àti kàfárà náà nìyẹn. Ààwẹ̀ nọ́fílà yàtọ̀, àwọn onímọ̀ sì jiyàn lé e. Lójú ọ̀nà Ìmáámù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ wa ń tọ̀, a kì í mọ̀ọ́mọ̀ tú u láìnídìí, ẹni tó bá tú u yóò san án padà. Ṣùgbọ́n bí bàbá, ìyá tàbí olùkọ́ rẹ bá ní kí o jẹun nítorí àánú rẹ tó ṣe wọ́n, o lè jẹ. Ti Ìmáámù Ṣáfíì fẹjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá máa dun olóúnjẹ, kí onínọ́fílà jẹun ló dára jù. Ẹ rántí Sàlúmáánù tó kọ̀ láti jẹun nílé Àbú Dàrídáì àfi bí onílé tó gba ààwẹ̀ bá bá òun jẹ. Ó jẹ, Ànábì sì ní òótọ́ ni Sàlúmáánù sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ààwẹ̀ Mọ́ńdè sá fún oúnjẹ ìyá yín arúgbó, mi ò mọ èwo nínú àwọn ìmáámù yìí lẹ dì mú.

Àwọn kan sì kù tí wọn kì í purọ́, àmọ́ tí ẹnu wọn korò. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí ni?" sí ẹni tó dúró nídìí iná láti àárọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ààwẹ̀ wà lẹ́nu ẹ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tí kì í ṣe Ràmàdáánì? Ìwọ lo yẹ kó sọ fún un. Bó bá sì tún ní, "Ẹ kàn tọ́ ọ wò," má bínú sí i. Rẹ́rìn-ín, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ṣàdúà fún un ní èdè tó gbọ́, kí o sì béèrè ìdérí kúlà.