Ta Ni Yóò Gún Un Lábẹ́rẹ́ Láìjẹ́ Pé Ó Mọ̀?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń pète láti gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò fún ọjọ́ ìbí ogójì ọdún rẹ̀, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín: "Kò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan o. Tó bá ti gbọ́ fìn-ín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn." Gbogbo wa la gba èyí gbọ́. A gbà pé bí aṣírí bá ṣe pẹ́ tó nínú ikùn ni ayọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, àti pé ariwo "sọ́páráìsì!" gan-an ni ẹ̀bùn náà. Mo kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ rí, ojú mi sì rí nǹkan ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀.

Àwa mẹ́rin la dáwó jọ nígbà náà. Ọ̀rẹ́ wa máa pé ogójì ọdún lọ́jọ́ Sátidé, a sì fẹ́ gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ìlú tí wọ́n ń pè ní Pọ́tò-Nófò nínú ìwé ìjọba, ká lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. A parọ́ fún un pé ìsìnkú ìyá ẹnì kan là ń lọ ní Àgbádárìgì. Ọkọ rẹ̀ bá wa yọ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó fi há abẹ́ ìjókòó mọ́tò. Ọ̀rẹ́ wa wé gèlè, ó wọ bàtà gogoro, ó gbé pọ́ọ̀sì tí kò gbà ju fóònù àti áńkáṣíìfù lọ. Nígbà tí mọ́tò kọjá Àgbádárìgì tí kò dúró, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ibo lẹ̀ ń gbé mi lọ?" Ó di Sẹ̀mẹ̀ kí a tó pariwo. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Fídíò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí dòní, kò pé ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì yẹn ni òṣìṣẹ́ bọ́dà ṣí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ yẹ́lò káàdì ńkọ́? Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tiwa. Òun kò ní. Kò sí ìgbà kankan tó gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú rí. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun lè bá wa ṣe káàdì náà lójú ẹsẹ̀. A kọ̀, nítorí ìwé ni ẹni yẹn ń tà, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Òṣìṣẹ́ náà kò ṣe wá níbi kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. A ṣẹ́rí padà sí Àgbádárìgì, a wá ilé ìtura kan wọ̀. Ìgbà tó di alẹ́ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀rẹ́ wa ń lò lójoojúmọ́ wà lórí tábìlì nílé. Lọ́jọ́ kejì a gbé e padà sí Èkó pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní àìmọ̀kan ló ṣe wá, pé ká ti wádìí nípa káàdì náà ṣáájú. Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ pé a wádìí. Ohun tí a máa rí nìyí: ìwé-ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan kò ní láti gbà á mọ́ títí ayé, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn kò ṣeé yẹ̀. Apá ọ̀rẹ́ yín ló máa wọlé sí. Ta ni yóò gún un láìjẹ́ pé ó mọ̀? Pásípọ́ọ̀tù náà ńkọ́? Lóòótọ́, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ẹ́kówáàsì fọwọ́ sí ní 1979 ló jẹ́ ká lè wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, ká sì wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àmọ́ èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà dání, bí tirẹ̀ bá sì ti kú, ìka ọwọ́ tirẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀, ojú tirẹ̀ ni wọn yóò yà. Ẹ kò lè rán ìka rẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ "kò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan" ti ṣubú. Ó bójú mu fún àsè inú ilé: ẹ tan iná pa, ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn àga, ẹ pariwo, ó gé kéèkì, ó sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àsè bẹ́ẹ̀ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kó wọlé lọ. Ìrìn-àjò béèrè ara rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ níbi iṣẹ́, oògùn rẹ̀ àti ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ. Ní tèmi, gbogbo ohun tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́jọ́ ìbí, ẹ sọ ọ́ fún un. Èyí tí kò bá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi pamọ́ bó ṣe wù yín. Ẹ ó rí i pé èyí tó ṣeé fi pamọ́ ṣì pọ̀ jaburata.

Bí a ṣe ṣe ti Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ wa mìíràn, nìyẹn, ọdún méjì lẹ́yìn ìtìjú Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú la pè é, a ní: "Wá ààyè sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ. A ń gbé ọ lọ síbì kan, kì í ṣe Nàìjíríà. Lọ gba yẹ́lò káàdì. Fi pásípọ́ọ̀tù rẹ hàn wá. Má bi wá léèrè ibẹ̀." Ó bi wá léèrè ibẹ̀, dájúdájú. Ó bi wá títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gba ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, òun ló ṣètò pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ nípa àwọn ìbejì. Nígbà kan rí, mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ tó lọ bá ọ̀gá obìnrin ọlọ́jọ́ ìbí kan gba ìsinmi fún un lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ní kó fa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, obìnrin náà rò pé wọ́n ti fẹ́ lé òun ni, kò sì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a kò lè bi í, nítorí yóò tú ibi tí à ń lọ: ṣé ẹ̀rù omi ń bà á? Ọkọ rẹ̀ la bi. Ó ní kò ní wàhálà, bí wọ́n bá ṣáà ti fún un ní aṣọ ìléfòó. A kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ní ti ìṣípayá, a kò dúró de bọ́dà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò la bẹ̀rẹ̀, a sì ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan nínú wa fi ìwé owó sẹ́fà kan ránṣẹ́ sí i nínú àpòòwé, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Inú rẹ̀ dùn, ó ní Kùtọnu ni. Lọ́jọ́ kejì ó rántí pé wọ́n ń ná sẹ́fà ní Lomé náà, wọ́n sì ń ná an ní Abijáànì. Ó bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ jiyàn. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní òru. Títí di Ọjọ́bọ̀ tí mọ́tò fi gbéra láago márùn-ún ìdájí, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín kò sì kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wé ìṣẹ́jú méjì inú fídíò mi.

Ní bọ́dà, a ní sùúrù. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde lọ́dọ̀ ti Nàìjíríà, ẹ sì gba ti ìwọlé lọ́dọ̀ ti Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú fo ọ̀kan nínú méjèèjì, ìgbà àbọ̀ ni yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀, a sì débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. A kò fi nǹkan kan sí ọ̀sán yẹn ju oorun lọ. Ẹni tó ní ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin nílé, ẹ jẹ́ kó sùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́, tí ojú rẹ̀ dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia pátápátá, a sì dé ààfin Ọba Tọ́fà. Ọjà ni Ìyá Ìbejì fẹ́ràn jù, nítorí Yorùbá ló fi ná gbogbo ohun tó rà.

Àwọn kan ní ká fi Wídà kún un, ibi tí Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ wà létí òkun. Mo kọ̀. Ibi tó yẹ kéèyàn lọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tí à ń ṣàjọyọ̀ pé ẹnì kan wá sáyé.

Sátidé ni ọjọ́ náà gan-an. A dé èbúté Kàlàví láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, a bẹ ọlọ́kọ̀ fún aṣọ ìléfòó ká tó sọ̀rọ̀ owó, a sì forí lé Gànvíè, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó láàárín adágún Nokué. Àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi yẹn nítorí àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú láti Dàhòmì. Inú ọkọ̀ làwọn obìnrin ti ń tajà níbẹ̀, ẹ má sì yà wọ́n ní fọ́tò láìtọrọ àyè. Wọn yóò fi akẹtẹ̀ bojú, wọn yóò sì bú yín. Lórí pẹpẹ ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ ni obìnrin kan jókòó sí, tó kọ̀yìn sí wa. Ọ̀rẹ́ Ìyá Ìbejì láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni, tó ti ń gbé Kùtọnu látìgbà tó ti lọ́kọ, tí wọn kò sì fojú kanra fún ọdún mọ́kànlá.

Ìyẹn gan-an la fi pamọ́. Kò béèrè abẹ́rẹ́, kò béèrè ìsinmi, kò béèrè bàtà kankan. Nígbà tí obìnrin náà yíjú padà, Ìyá Ìbejì kígbe débi pé ọlọ́kọ̀ wa jáwọ́ nínú àjẹ̀. Wọ́n jẹ amiwó àti adìyẹ láti inú abọ́ kan ṣoṣo títí di ọ̀sán, wọ́n lé wa kúrò lọ́dọ̀ wọn, àwa sì lọ jókòó sí òdìkejì pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó rántí fídíò.

Ọjọ́ Àìkú, ní Sẹ̀mẹ̀, òṣìṣẹ́ kan na ọwọ́ síwájú, ó ní yẹ́lò káàdì dà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì. Ìyá Ìbejì ti yọ tirẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa o. Ọjọ́ mẹ́ta ni apá fi dùn mí."