Bí ẹ̀rọ àti èèyàn bá ta ko ara wọn, ẹ yẹ òfin náà wò

Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ló ń fi fóònù polówó ọjà nísinsìnyí. Ìyá tó ń ta àgúnmu á ya àwòrán rẹ̀, á gbé e sórí Fesibúùkù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lè yọ ọ́ kúrò, wọ́n á ní ó lòdì sí òfin. Ẹ̀rọ ló sábà máa ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé a máa ń yára di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ jù. Nígbà mìíràn, òfin fúnra rẹ̀ ni kò yé ẹnikẹ́ni, ọ̀nà sì wà tí a fi lè mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bùràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ẹnì kan gbé àwòrán 8 sórí Ínsítágíráàmù láti fi han àwọn obìnrin bí àmì àrùn jẹjẹrẹ ọmú ṣe máa ń rí. Orí ọmú hàn nínú 5 lára wọn. Ẹ̀rọ rí i, ó kà á sí ìhòòhò, ó sì yọ ọ́. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Alábòójútó tí Fesibúùkù dá sílẹ̀ gba ẹjọ́ náà, iléeṣẹ́ náà gbà pé àṣìṣe ni, ó sì dá àwòrán náà padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà dá ẹjọ́ pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kò tọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀bi méjì ló wà níbẹ̀. Òfin Fesibúùkù sọ ọ́ gbangba pé a lè fi orí ọmú hàn láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ ló ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n kọ fún Ínsítágíráàmù kò dárúkọ jẹjẹrẹ yìí láàárín ohun tó yọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ kan náà ló ni méjèèjì. Ẹni tó ka ìlànà yẹn nìkan lè dá ẹjọ́ bíi ti ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n tún òfin náà ṣe kó lè yéni, kí wọ́n sì máa ṣa díẹ̀ nínú ìdájọ́ ẹ̀rọ déédéé fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti ń ṣìnà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ọjà tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òfin kan sọ pé: «Ẹ má ta oògùn níbí.» Ẹ ṣa ìkéde 100 jọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí èyí tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú èyí tó yọ. Bó bá jẹ́ ìkéde tí oní-nǹkan wá sunkún lé lórí nìkan ni ẹ wò, ẹ kò ní rí èyí tó yẹ kó yọ tí kò yọ. Ẹ wá fún olùyẹ̀wò kan, ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa, kó dá ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó rí ohun tí ẹ̀rọ sọ, nítorí bó bá ti rí i, á fẹ́ tẹ̀ lé e.

Ká ní ẹ̀rọ yọ 20, èèyàn sì ní kí wọ́n yọ 10. Mẹ́fà péré ni àwọn méjèèjì jọ yọ. Wọ́n jọ fi 76 sílẹ̀. Ohùn wọn ṣọ̀kan lórí 82 nínú 100 nìyẹn. Iléeṣẹ́ á gbé 82 yìí síta, á ní ẹ̀rọ òun dáa. Ẹ má tètè pàtẹ́wọ́. Nítorí pé ìkéde tí kò ní wàhálà ló pọ̀ jù, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń dá ẹjọ́ bí ẹni ń ta ayò, tí ẹ̀rọ ń yọ 20 tí èèyàn sì ń yọ 10 láìwo nǹkan kan, ohùn wọn á ṣì ṣọ̀kan lórí nǹkan bíi 74. Èyí tó kù láti jà fún kò ju 26 lọ, 8 péré ni wọ́n sì rí mú nínú rẹ̀. Kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìṣirò yìí ni Jacob Cohen, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1960. Kápà ni wọ́n ń pè é.

Iye yìí kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn ìkéde 18 tí ohùn wọn kò ti ṣọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹ kó wọn fún olùyẹ̀wò kejì, kí òun náà má rí ìdájọ́ kankan. Ẹ da díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lára 82 yẹn, kó má baà mọ̀ pé ẹjọ́ tó le nìkan ni wọ́n kó wá, àti nítorí pé ẹ̀rọ àti èèyàn lè jọ ṣìnà. Ká ní lórí 6, ó gbà pẹ̀lú èèyàn àkọ́kọ́. Ó jọ pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi àwọn yẹn: bóyá ó rí «oògùn ẹ̀fọn» nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta àpò ìfàlọ́ṣọ, ó sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n lórí 12 tó kù, olùyẹ̀wò kejì dá ẹjọ́ bíi ti ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé kí ẹ yára sọ pé ẹni àkọ́kọ́ kò mọṣẹ́. Ẹ tò wọ́n kalẹ̀ kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà. Bó bá jẹ́ pé mẹ́ta fọ́n káàkiri, ó lè jẹ́ pé ó rẹ olùyẹ̀wò ni. Bí mẹ́sàn-án bá jẹ́ ewé gbígbẹ àti àgúnmu, tí àwọn méjèèjì sì lè na ìka sí òfin kan náà láti gbe ìdájọ́ wọn lẹ́yìn, òfin ló rújú. «Oògùn» lédè wa jẹ́ kóró tí dókítà kọ, ó jẹ́ àgbo ibà, ó tún jẹ́ ohun tí babaláwo ṣe. Èwo ni ẹni tó kọ òfin ní lọ́kàn?

Nígbà náà ni wọ́n á tún òfin kọ, kí wọ́n fi àpẹẹrẹ sí i. Fún àpẹẹrẹ: ẹni tó ta ewé láìsọ pé ó ń wo àrùn kankan kò rú òfin, ẹni tó ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà ti rú u. Ìkéde tuntun ni kí wọ́n fi dán òfin tuntun wò, nítorí àwọn ti àtijọ́ ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ó wù mí kí àwọn iléeṣẹ́ yìí máa sọ fún wa, kì í ṣe bí ẹ̀rọ àti èèyàn ṣe gbà fún ara wọn nìkan, bí kò ṣe bí èèyàn méjì ṣe gbà fún ara wọn lórí ìkéde Yorùbá. Bí àwọn èèyàn méjì tó gbọ́ èdè wa kò bá lè fohùn ṣọ̀kan lórí àgúnmu ìyá kan, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ tẹ̀ lé? Títí wọ́n á fi tún òfin bẹ́ẹ̀ ṣe, èmi ò rí ìdí tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ dá nìkan yọ ọjà ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Kí ó gbé e fún èèyàn wò kó tó yọ ọ́.