Ìkíni Lọ́tọ̀, Ìbéèrè Lọ́tọ̀

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́, èyí tí alábòójútó ilé ìwòsàn kékeré kan kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Kò gùn ju ojú ìwé kan lọ. Ohun mẹ́ta péré ni ó pa láṣẹ: kí a kí aláìsàn kí a tó bèèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, kí a bi í léèrè ohun tí ó gbé e wá, kí a sì dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Àwọn kan yóò wí pé, ta ni yóò tún kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìkíni? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkíni wa náà a máa bo àrùn mọ́lẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá wí pé, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà ni?" ìyá tí ara rẹ̀ ń gbóná bí iná yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́." Kò purọ́, ìkíni ni ó dáhùn. Nítorí náà ni lẹ́tà yìí fi ya ìkíni sọ́tọ̀ kúrò lára ìbéèrè. Kí a kí ìyá tán, kí ó jókòó, kí a wá bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, kí ni ẹ ń rí lára tí ẹ fi wá lónìí?" Alábòójútó náà kò fẹ́ "Kí lẹ wá ṣe?" rárá, nítorí bí a ti ń bi ẹni tí ó ṣìnà wọ inú ọgbà onílé nìyẹn.

Ìbéèrè tí ó léwu jù ni èyí tí ó ti gbé ìdáhùn rẹ̀ dání. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje wá sí ilé ìwòsàn. Akọ̀wé bi í níwájú gbogbo èrò pé, "Ṣé ibà ni?" Orí ń fọ́ ọ lóòótọ́, kò sì fẹ́ já òṣìṣẹ́ ìjọba níyàn, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." A kọ ibà sínú káàdì rẹ̀, ó sì jókòó ti ogójì ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé a bi í ní kọ̀rọ̀, tí a sì jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀, ì bá wí pé orí náà kò dẹ̀ láti àná, pé ojú òun ń ṣe bàìbàì, pé ojú àti ọwọ́ òun sì wú. Nọ́ọ̀sì tí ó bá gbọ́ èyí kì yóò jẹ́ kí ó dúró dé orí rẹ̀. Yóò wọn ìfúnpá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ìfúnpá náà bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, nítorí àìsàn yìí lè di gìrì tí ń pa ìyá àti ọmọ.

Wọn yóò tún wí pé kò sí àkókò. Ní ọdún 1984, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ́tí sí ìpàdé 74 láàárín dókítà àti aláìsàn. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 18 ni dókítà ti já lu ọ̀rọ̀. 17 péré nínú àwọn aláìsàn náà ni ó sọ̀rọ̀ tán. Ní ọdún 2002, a ròyìn láti ilẹ̀ Suwísíláńdì pé a ní kí àwọn dókítà kan dákẹ́ láti gbọ́ aláìsàn 335. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn gbà. Nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé.

Àṣẹ yìí ní ààlà o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí tí kò lè mí dáadáa, a kì í dúró kí i tán kí a tó gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ẹẹ̀kan kì í sábà tó, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá sì wí pé, "Kò sí nǹkan mìíràn mọ́, àbí?" a ti pa á lẹ́nu mọ́. Kí a kúkú bi í pé, "Kí ni nǹkan mìíràn tí ẹ tún fẹ́ kí a gbọ́?"

Báwo ni alábòójútó yóò ti mọ̀ bóyá a ń tẹ̀lé àṣẹ òun? Kí ó fi ohun tí a kọ nídìí tábìlì káàdì wé ohun tí dókítà bá nígbẹ̀yìn. Kí ó sì ka iye aláìsàn tí ó di ilẹ̀kùn mú láti jáde, tí ó yíjú padà, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ó ku ohun kan." Ohun kan yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun gan-an ni ó gbé e wá.